Ìgbálẹ̀, Ajọ̀ àti Àpò Gaàrí: Bí Ibà Lásà Ṣe Ń Gba Inú Ilé Wọ Ara

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá ẹgbẹ́ àwa ọmọ Yorùbá sọ ní Kubwa, l'Ábújá, nínú oṣù Fẹ́búárì. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí àwọn tí kò ráyè wá, mo sì fi díẹ̀ nínú ìbéèrè tí wọ́n bi mí kún un.)

Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹ sì kú ọyẹ́ o. Ẹ rí i pé nǹkan mẹ́ta ni mo gbé sórí tábìlì yìí: ìgbálẹ̀ kan, ajọ̀ kan, àti àpò tí gaàrí wà nínú rẹ̀. Kò sí ilé kan nínú wa tí a kò ní bá wọn. Iṣẹ́ wolé-wolé ni mò ń ṣe, ó sì ti lé ní ogún ọdún. Bí wọ́n bá rán mi lọ sí ilé tí ibà Lásà ti mú ènìyàn, àwọn nǹkan mẹ́ta yìí ni mo kọ́kọ́ máa ń béèrè.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kan, wọ́n ní kí n lọ wo ilé kan ní Mararaba. Ìyá tó ni ilé náà, ará Ọ̀fà, ń ta gaàrí, ẹ̀wà àti èlùbọ́ lọ́jà. Yàrá kékeré kan wà lẹ́yìn ilé ìdáná tó ń kó ọjà sí. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún 17, ni ibà mú. Wọ́n ra oògùn ibà fún un ní kẹ́míìsì, ó lò ó fún ọjọ́ mẹ́ta, ara kò balẹ̀. Ọ̀fun ń dùn ún, àyà ń dùn ún, ó sì ń bì. Nígbà tó di ọjọ́ karùn-ún, ojú rẹ̀ wú. Ìgbà yẹn ni wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, tí dókítà kan ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Lásà ni wọ́n bá níbẹ̀.

Mo jókòó ti ìyá náà, a bẹ̀rẹ̀ sí ka ọjọ́ sẹ́yìn. Láti ọjọ́ tí fáírọ́ọ̀sì ibà yìí bá ti wọ ara títí di ọjọ́ tí ara yóò bẹ̀rẹ̀ sí gbóná, ó lè jẹ́ ọjọ́ 2 péré, ó sì lè pẹ́ tó ọjọ́ 21. Nítorí náà mo bi í pé kí ni ọmọ yìí ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ṣáájú. Ó ronú títí, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, kò lọ sí ibì kankan. Ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ni. Àfi Sátidé tí mo ní kó bá mi gbá yàrá ọjà.” A kà á, ọjọ́ Sátidé yẹn jẹ́ ọjọ́ 11 ṣáájú kí ibà tó bẹ̀rẹ̀.

Kí n tó sọ ohun tí mo bá nínú yàrá náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ibà yìí ti wá. Lásà jẹ́ ìlú kan ní gúúsù ìpínlẹ̀ Borno. Ní ọdún 1969, nọ́ọ̀sì míṣọ́nnárì kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ṣàìsàn, wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú gbé e lọ sí Jos, ó sì kú síbẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan tó tọ́jú rẹ̀ náà kú. Lórúkọ ìlú yẹn ni wọ́n fi ń pe àìsàn náà títí di òní. Ní ọdún 1972, ní Sàró, ni àwọn oníṣẹ́ ìwádìí tó rí fáírọ́ọ̀sì náà lára eku.

Eku wo ni? Eku ọlọ́mú púpọ̀ ni. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí erùpẹ̀, ó ju èkúté kékeré inú ilé lọ, kò sì tó òkété rárá. Abo rẹ̀ lè ní ọmú tó lé ní ogún, ìyẹn ni ẹ ó fi mọ̀ pé bó bá bímọ, ó bí i lọ́pọ̀lọpọ̀. Ó ń gbé oko, ó ń gbé ilé, inú ilé sì tẹ́ ẹ lọ́rùn níbi tí ọkà bá wà. Fáírọ́ọ̀sì yìí kì í gbé eku náà dè. Ó ń jẹ, ó ń sáré, ó ń bímọ, ó sì ń tọ̀ ọ́ jáde. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe máa wo eku kan kí ẹ sọ pé èyí kì í ṣe irú rẹ̀. Ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, wọ́n sì ti rí fáírọ́ọ̀sì náà lára irú eku mìíràn.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn, láti Dìsẹ́ńbà títí di Épírì, ni ó máa ń pọ̀ jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí oṣù tí kò lè ṣẹlẹ̀. Àwa tí a ń gbé apá ibí mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lásìkò yìí. Wọ́n ti kórè tán, oko ti ṣófo, wọ́n ń dáná sun igbó, ọkà ti wọ ilé. Eku náà tẹ̀ lé ọkà wọlé. Ọyẹ́ sì wá gbẹ gbogbo nǹkan, títí kan ohun tí eku bá yà sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá wọ yàrá ìyá yẹn. Àpò gaàrí méjì ló wà nílẹ̀ gẹ́lẹ́, ẹnu ọ̀kan ṣí sílẹ̀, wọ́n kàn ká a wálẹ̀ bí a ṣe ń ká ṣòkòtò. Àpò èlùbọ́ kan wà tó fara ti ògiri. Mo tan iná fóònù mi sẹ́yìn rẹ̀, mo rí ìgbẹ́ eku, dúdú, ó rí róbótó ṣóńṣó bí hóró ìrẹsì. Mo ní, “Màmá, ṣé ẹ rí èyí?” Ó ní, “Mo máa ń rí i. Bí mo bá rí i nínú èlùbọ́, mo máa ń ṣà á kúrò, màá sì jọ ọ́ kí n tó tà á.”

Ìyá náà mọ́ tónítóní, ẹ jẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ìyá tèmi náà ń ṣe nìyẹn nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Àmọ́ ìgbẹ́ yẹn ni ojú wa rí. Ìtọ̀ ńkọ́? Eku kì í wá ibì kan dúró sí kó tó tọ̀. Bó ṣe ń rìn ló ń ro ó sílẹ̀ ní kínkínní, lórí àpò, lórí ọkà, lórí ṣíbí tí a fi sílẹ̀. Ó máa gbẹ, kò sì ní hàn mọ́. Nígbà tí màmá yẹn bá ṣa hóró ìgbẹ́ márùn-ún kúrò nínú èlùbọ́, gbogbo ìtọ̀ tí eku náà tọ̀ síbẹ̀ wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ajọ̀. Ajọ̀ á gba ìgbẹ́ dúró, àmọ́ èlùbọ́ tí ìtọ̀ ti kán sí á gba ojú rẹ̀ kọjá. Ẹ wo bí a ṣe máa ń di ajọ̀ mú: iwájú àyà, a ó tẹrí síwájú, a ó máa gbọ̀n ọ́n, lẹ́búlẹ́bú á máa gòkè wá síwájú imú. Ohun tó yẹ kó dúró sínú àpò la fi ọwọ́ ara wa gbé wá síbi tí a ti ń mí.

Ìgbálẹ̀ ló wá burú jù. Ìgbẹ́ eku tó ti gbẹ kì í ṣòroó fọ́. Bí ìgbálẹ̀ bá gbá a mọ́ ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta, ó ti di eruku, eruku yẹn dìde, ẹni tó ń gbálẹ̀ sì fà á símú. Ọmọ ọdún 17 yẹn gbá yàrá tí kò ní fèrèsé, ó ti ilẹ̀kùn kí eruku má baà wọ ilé ìdáná. Nígbà tó ṣe tán, ó bọ́ síta, ó bu gaàrí nínú àpò tí ẹnu rẹ̀ ṣí yẹn, ó fi omi tútù àti ṣúgà mu ún. Mo bi ara mi pé èwo nínú méjèèjì ló kó o bá a, n kò sì lè búra. Ọ̀nà méjèèjì ló ṣí sílẹ̀ fún un ní ọjọ́ kan náà.

Ìyàtọ̀ kan wà níbí tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin ìyá wa mú lọ sílé. Iná ń pa fáírọ́ọ̀sì yìí. Èlùbọ́ tí a rò nínú omi tó ń hó, ẹ̀wà tí a sè jinná, iná ti bá a jà. Ewu ti èlùbọ́ wà lọ́wọ́ ẹni tó jọ ọ́ àti lábẹ́ imú rẹ̀ kó tó dénú ìkòkò. Gaàrí tí a fi omi tútù mu kò tún rí iná mọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti yan án. Ohun tí eku bá ṣe sí i lẹ́yìn yíyan, ẹnu wa ló ń lọ tààrà. Ẹ̀pà yíyan, kúlíkúlí àti búrẹ́dì tí a fi sílẹ̀ mọ́jú náà wà nínú ẹgbẹ́ yìí.

Báwo wá ni a ṣe tún yàrá náà ṣe? Mo ní kí gbogbo ènìyàn bọ́ síta. Mo ṣí ilẹ̀kùn yàrá àti ti ilé ìdáná, a jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ní gbogbo àkókò yìí, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan ìgbálẹ̀. Mo wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, irú èyí tí wọ́n fi ń fọ abọ́. Màmá náà lọ ra bílíìṣì tí a fi ń fọ aṣọ funfun. Ẹ máa wo ara ìgò rẹ̀: púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń tà níbí, 3.5% ni wọ́n kọ sí i. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, agolo mílíìkì kan bílíìṣì, agolo mẹ́fà omi. Agolo kan náà ni kí ẹ fi wọn méjèèjì, ẹ má fi ojú díwọ̀n. Ẹ po ìwọ̀n tí ẹ ó lò lọ́jọ́ yẹn, nítorí pé tó bá di ọjọ́ kejì agbára rẹ̀ ti ń lọ. Ẹ má sì dà á pọ̀ mọ́ oògùn tí a fi ń fọ ṣáláńgá tàbí ọṣẹ olómi mìíràn, afẹ́fẹ́ tó máa jáde níbẹ̀ lè mú ènìyàn lémìí.

A rọra da omi yìí sórí gbogbo ibi tí ìgbẹ́ wà, a dà á wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò sí pé a ń wọ́n ọn pẹ̀lú agbára tí eruku yóò fi fò. A jẹ́ kó rẹ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìgbà tí ó ti rẹ dáadáa ni mo fi àkísà nù ún, mo kó àkísà àti ìgbẹ́ sínú ọ̀rá, mo so ó, mo tún fi ọ̀rá kejì bò ó, ó di inú garawa ìdọ̀tí tó ní ìdérí. Lẹ́yìn náà la fi omi bílíìṣì kan náà nu ilẹ̀, ìsàlẹ̀ ògiri àti pákó. Mo fọ ìbọ̀wọ́ náà mọ́ ọwọ́ mi kí n tó bọ́ ọ, mo sì tún fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Òkú eku náà, bẹ́ẹ̀ ni ẹ ó ṣe é: ẹ rẹ ẹ́, ẹ fi ọ̀rá gbé e, ẹ má fi ìrù rẹ̀ gbé e.

Ẹni tí kò bá rówó ra bílíìṣì, kó po omi ọṣẹ tó hó dáadáa, kó fi rẹ ibẹ̀ kó tó nù ún. Ọ̀rá ló bo fáírọ́ọ̀sì yìí lára, ọṣẹ sì máa ń tú ọ̀rá. Ohun tí kò ṣeé ṣe ni kí a gbá a ní gbígbẹ, kódà pẹ̀lú ìbomú aláṣọ. Bí obìnrin bá lóyún nínú ilé, ẹ má rán an wọ irú yàrá bẹ́ẹ̀ rárá, pàápàá tí oyún náà bá ti wọ oṣù keje. Lásà le gan-an fún aláboyún, púpọ̀ nínú wọn ni ọmọ inú wọn kì í yè.

Ibi tó dun màmá náà jù ni ti àpò gaàrí tó ṣí sílẹ̀. Àpò náà ti dé ìdajì. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé n kò lè tún un yan?” Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára, nítorí mo mọ iye tí wọ́n ń ta gaàrí. Iná lè pa fáírọ́ọ̀sì lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kó tó dé inú agbada, ẹ ó gbé e, ẹ ó dà á, ẹ ó rò ó, lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ á bo ojú yín, ẹ ó sì fi ara yín san owó tí ẹ fẹ́ gbà là. Mo ní kó jẹ́ ká rẹ ẹ́, ká sin ín. Ó sunkún díẹ̀, ó sì gbà. Èmi fúnra mi fi nǹkan ràn án lọ́wọ́, àmọ́ ìyẹn kọ́ la wá sọ.

Àpò kejì tí ẹnu rẹ̀ wà ní rírán, a yẹ̀ ẹ́ wò yípo, kò sí ihò, kò sí àbàwọ́n, kò sí ìgbẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. A nu ara rẹ̀, a sì dà á sínú dírọ́ọ̀mù tí ìdérí rẹ̀ fún. Eku máa ń jẹ àpò, ó sì lè jẹ rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Rọ́bà pẹ́ńtì tó nípọn dára bí ìdérí rẹ̀ bá wọlé ṣinṣin. Bí ìdérí náà bá ti sán, ẹ má tàn ara yín. Agolo ńlá onírin ló dára jù. Ẹ gbé e sórí pákó, kó jìnnà díẹ̀ sí ògiri, kí ẹ lè máa rí ẹ̀yìn rẹ̀. Gaàrí tàbí ẹ̀gẹ́ tí ẹ bá sá, ẹ má sá a sílẹ̀ lẹ́bàá títì, ẹ má sì jẹ́ kó sùn síta mọ́jú. Abọ́ àti ife tó sùn lórí pẹpẹ, ẹ fọ wọ́n kí ẹ tó lò wọ́n láàárọ̀. Èmi máa ń fọ orí agolo ohun mímu pàápàá kí n tó gbé e sẹ́nu, n kò mọ yàrá tó ti sùn.

Ihò ló kù. Ihò tó bá gba pẹ́ńsù, ó gba ọmọ eku. Abẹ́ ilẹ̀kùn yàrá náà ga tó ìka méjì, páìpù omi sì gba inú ògiri wọlé pẹ̀lú àyè yípo rẹ̀. A fi símẹ́ǹtì àti wáyà onírin dí ti páìpù, káfíńtà fi irin pẹlẹbẹ kan abẹ́ ilẹ̀kùn. Kí a lè mọ̀ bóyá eku ṣì ń wọlé, mo ní kí wọ́n wọ́n eérú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí ẹsẹ̀ ògiri lálẹ́, kí wọ́n wò ó láàárọ̀. Ihò tí kò bá dá yín lójú, ẹ fi bébà há a lálẹ́. Bí ẹ bá bá bébà náà nílẹ̀ láàárọ̀, ó ní ẹni tó ń kọjá níbẹ̀.

Ìbéèrè pọ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí. Bàbá kan béèrè pé, “Ọmọ mi, àwa tí a ti ń jẹ eku láti kékeré ńkọ́?” Mo ní, “Ẹ̀yin bàbá, bó bá ti jinná dénú, iná ti ṣiṣẹ́. Ẹni tó pa á, tó wì í, tó la ikùn rẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ rẹ̀ kàn lọ́wọ́, pàápàá bí ọwọ́ bá lójú ọgbẹ́. Nítorí rẹ̀ ni mo fi sọ pé kí a fi eku sílẹ̀, kí a má sì jẹ́ kí àwọn ọmọ máa lé e nígbà tí wọ́n bá ń sun igbó.”

Ìyá kan béèrè nípa ológbò. Ológbò dára. Àwọn Hausa tí a jọ ń gbé ń sìn ín, wọn kì í bẹ̀rù rẹ̀ bí àwa kan ṣe ń bẹ̀rù rẹ̀. Àmọ́ ológbò kò lè dé ìdérí gaàrí fún wa.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan béèrè bí a ó ṣe mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ibà lásán. Ní ìbẹ̀rẹ̀, a kò lè fojú mọ̀ ọ́n. Nínú ènìyàn mẹ́wàá tó kó o, nǹkan bí mẹ́jọ kì í ju ara gbígbóná díẹ̀ lọ, òmíràn kò tilẹ̀ mọ̀. Àwọn yòókù ló máa ń le fún: ọ̀fun, àyà, èébì, ojú wíwú, kí ẹ̀jẹ̀ máa jáde níbi tí kò yẹ. Bí oògùn ibà bá wọ ọjọ́ méjì tí ara kò balẹ̀, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sì fi ẹnu ara yín sọ pé eku wà nílé yín. Dókítà kò lè rí yàrá yín láti orí àga rẹ̀. Oògùn tó ń jẹ́ ráíbáfírììnì wà, bí a bá tètè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ló dára jù. Ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn náà, kó wọ ìbọ̀wọ́, kó má fọwọ́ kan èébì, ìtọ̀ tàbí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lásán. Àjọ ìjọba tó ń rí sí àjàkálẹ̀ àrùn ní nọ́ńbà ọ̀fẹ́, 6232. Ẹ pè é.

Ọmọ ìyá ará Ọ̀fà yẹn yè, etí òsì rẹ̀ ni kò gbọ́ràn dáadáa mọ́. Lásà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, nínú mẹ́rin tó bá bọ́ níbẹ̀, ó lè gba etí ẹnì kan. Fún ọjọ́ 21 ni wọ́n fi ń yẹ ara àwọn tó kù nínú ilé wò, kò sí ẹlòmíràn tó gbóná. Mo padà lọ lẹ́yìn náà. Màmá náà mú mi wọ yàrá, ó ní kí n wo eérú tó wọ́n lálẹ́ àná. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú iná fóònù. Láti igun dé igun, ó tẹ́jú pẹrẹsẹ, àfi ẹsẹ̀ ológbò kan tó gba ẹnu ọ̀nà wọlé, tó sì gba ibẹ̀ jáde.